Bí mo ṣe fa iye owó yọ nínú bíẹ́ẹ̀lì àti ìwé aṣọ́bodè

Ìyá kan tó ń ta táìlì àti abọ́ ìfọwọ́ l'Ájàṣẹ́ kó ìwé ẹrù kọ̀ǹtẹ́nà kan fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀: mítà onígun mẹ́rin táìlì kan, èló ló ti ná wọn kó tó wọ ìsọ̀? Ìwé owó ọjà láti Ṣáínà wà níbẹ̀, bíẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi gba ẹrù, wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìkéde tí ẹni tó ń bá wọn gbẹ́rù jáde ní Kùtọnu tẹ̀ sínú SYDONIA, ètò kọ̀ǹpútà aṣọ́bodè. Mo ti yí àwọn iye tí mo máa kọ síhìn-ín padà, torí kì í ṣe gbogbo ayé ló yẹ kó mọ owó oníṣòwò.

Bíẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ń wá owó ọkọ̀ ojú omi lórí ẹ̀ á wá a tì. FREIGHT PREPAID ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé wọ́n ti san owó ọkọ̀ níbi tí ẹrù ti gbéra. Níbi tó yẹ kí iye wà, AS AGREED ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà bíẹ́ẹ̀lì àti ìwọ̀n gbogbo ẹrù, 24 000 kílò, ni mo mú. Fọ́tò ni, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi tẹ̀ wọ́n. Mo fi nọ́ńbà náà wo àpótí 40 nínú ìwé ìkéde kí n rí i pé ẹrù kan náà ni ìwé méjèèjì ń sọ.

Ìwé ìkéde jẹ́ PDF gidi, ó rọrùn:

```
pdftotext -layout ikede.pdf ikede.txt
```

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ nọ́ńbà ló máa ń da iṣẹ́ rú. Lórí ìwé ìkéde, àlàfo ló ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, kọ́mà sì ni ti ìdá. Ìwé Ṣáínà yí i po. Bí o bá lo ọ̀nà kan fún méjèèjì, "9,000" dọ́là lè di 9, kọ̀ǹpútà kò sì ní ké gbì. Mo ya wọ́n sọ́tọ̀:

```python
def ikede(s):   # 5 928 000,00
    return float("".join(s.split()).replace(",", "."))

def saina(s):   # 9,000.00
    return float(s.replace(",", ""))
```

Táìlì 1 000 mítà ni wọ́n rà ní 6 000 dọ́là, ìyẹn 3 600 000 fàráǹkì bí dọ́là bá jẹ́ 600. Àpótí 35 ní ìwọ̀n táìlì jẹ́ 20 000 kílò, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà gbogbo ẹrù. Owó ọkọ̀ tó wà lórí rìsíìtì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ 1 800 000; ìwọ̀n ni mo fi pín in, táìlì sì ru 1 500 000. Ká ní iye ọjà ni mo fi pín in, táìlì tó jẹ́ 6 000 nínú 9 000 dọ́là ì bá ru 1 200 000 péré, abọ́ ìfọwọ́ á sì máa san gbèsè táìlì. Owó ìbánigbófò táìlì jẹ́ 24 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 124 000.

Ṣùgbọ́n 5 928 000 ló wà nínú àpótí 46. Aṣọ́bodè ò gba iye orí ìwé owó ọjà gbọ́, wọ́n fi 804 000 lé e. Ìyá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣebí iye tí ìjọba kọ yẹn ni iye ọjà mi?" Mo ní, "Rárá o, ìyá. Iye tí wọ́n fi ṣírò owó orí nìyẹn. Ẹ ò san 804 000 fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ san owó orí lé e lórí."

Nítorí náà, owó orí nìkan ni mo mú nínú ìwé ìkéde, láti àpótí 47: owó ibodè 20%, owó ìṣirò 1%, ti UEMOA 0,8%, ti CEDEAO 0,5%. Lórí 5 928 000, ó jẹ́ 1 321 944. TVA 18% tún wà níbẹ̀, ó lé ní 1 300 000, àmọ́ n kò kà á mọ́ iye ọjà, torí orúkọ ìyá wà nínú ìwé àwọn tó ń san TVA, wọ́n á yọ ọ́ nínú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò rí i yọ. Iye ọjà ló jẹ́ fún un.

Owó èbúté, owó ẹni tó gbẹ́rù jáde àti owó ọkọ̀ láti Kùtọnu sí Àjàṣẹ́ jẹ́ 900 000. Nípa ìwọ̀n, 750 000 bọ́ sórí táìlì. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 7 195 944, ìyẹn nǹkan bíi 7 196 fàráǹkì fún mítà kan. Ẹni tó bá fi àpótí 46 ṣe iye ọjà á rí 8 000, á sì máa rò pé ẹni tó ń tà á ní 7 900 ládùúgbò ń pàdánù.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo ní kí ìyá mú wá: ìwé báńkì. Iye tí dọ́là jẹ́ nínú àpótí 23 jẹ́ ti aṣọ́bodè; bí báńkì bá gbà ju 600 lọ lọ́wọ́ wọn, ti báńkì ni màá fi ṣírò 6 000 dọ́là yẹn.