Bí mo ṣe ṣírò ilẹ̀ gígé àti ilẹ̀ dídí fún ọ̀nà tuntun kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀nà náà kò gùn. Mítà 600 ni, ó yà kúrò lára títì tó lọ sí Ìlọrin, ó sì wọ inú àdúgbò tuntun kan ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí omi ti máa ń ṣàn kọjá nígbà òjò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi ni pé, ilẹ̀ tí a máa gé lókè, ṣé ó máa tó èyí tí a fẹ́ fi dí ìsàlẹ̀? Wọ́n ti ṣe ìṣirò kíákíá kan kí n tó débẹ̀, ìṣirò yẹn ní ilẹ̀ máa ṣẹ́kù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì ti ń wá ibi tí wọ́n máa lọ dà á sí.

Ojú ilẹ̀ méjì ni irú ìṣirò yìí nílò. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ bó ṣe wà lónìí. Èkejì ni ilẹ̀ bó ṣe máa rí nígbà tí katapílà àti rólà bá ti parí iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ojú ọ̀dà sí ipò èkejì yìí, torí pé òun ni ẹnjiníà máa ń yà sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ọ̀nà yìí nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 15, yangí abẹ́ òkúta náà jẹ́ 15. Sẹ̀ǹtímítà 35 lápapọ̀ ni a ó rà wá láti ibòmíràn, kì í ṣe ara ilẹ̀ tí a ń gé tàbí tí a ń dí. Ojú ọ̀nà pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó mítà 9, nítorí náà 600 lọ́nà 9 lọ́nà 0.35 jẹ́ kúbíìkì mítà 1,890. Ẹni tó bá lo ojú ọ̀dà ti fi gbogbo iye yẹn kún dídí, tàbí kó yọ ọ́ kúrò nínú gígé. Mo sọ ojú kejì kalẹ̀ sí abẹ́ yangí kí n tó ṣe ohunkóhun.

Ojú àkọ́kọ́ ló gbà mí lákòókò jù. Dúróònù ni wọ́n fi ya ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iná ti jó koríko, èyí sì dára, torí nígbà òjò koríko ibẹ̀ a máa bo èèyàn dé àyà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè rí abẹ́ igi. Nígbà tí mo wo àwòrán ìyàtọ̀ láàárín ojú méjèèjì, mo rí àwọn ibì kan tó rí roboto, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé ká gé mítà mẹ́ta níbẹ̀. Ilẹ̀ kì í tò bẹ́ẹ̀. Igi kajú ni. Orí igi kajú kan tó fẹ̀ tó mítà 6 bo ilẹ̀ bíi 28 m², tí ó bá sì ga ní mítà mẹ́ta sókè ilẹ̀ tòótọ́, ó ti purọ́ ilẹ̀ gígé tó kúbíìkì mítà 84, igi kan ṣoṣo. A lọ fi ọ̀pá wọn gíga ilẹ̀ lábẹ́ wọn, mo gé orí igi kúrò nínú ojú ilẹ̀ náà, mo sì fi àwọn ìwọ̀n tuntun wọ̀nyí dípò.

Àṣìṣe tó tóbi bẹ́ẹ̀ kò léwu púpọ̀ torí pé ojú máa rí i. Bákan náà ni tí ẹnì kan bá mú gíga tí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kà, tó fi wé gíga tí a wọn láti òkúta ìwọ̀n ìjọba, èyí tí a ti mọ gíga rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn ju mítà 20 lọ, ìṣirò náà á sì fọ́ lójú gbogbo èèyàn. Èyí tó kéré ni mo máa ń bẹ̀rù. Nítorí náà mo gbé ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkúta ìwọ̀n tó súnmọ́ wa, mo sì ka gíga àwọn ibi líle tí kò ní koríko: orí kọ́fáàtì, etí títì níbi tí ọ̀nà tuntun ti máa so mọ́ ọn, ilẹ̀ oníkọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, àti ojú ẹsẹ̀-ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti tẹ̀ títí ó fi le. Mo wá fi wọ́n wé ohun tí dúróònù sọ ní àwọn ibi kan náà.

Ojú ilẹ̀ dúróònù ga jù, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, ó sì ga jù níbi gbogbo. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ibì kan bá ga ju bó ṣe yẹ, tí ibòmíràn sì rẹlẹ̀ jù, wọ́n á pa ara wọn rẹ́ nígbà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá tẹ̀ sí apá kan, kò sí ohun tó máa pa wọ́n rẹ́. Gbogbo ilẹ̀ tí iṣẹ́ máa kàn jẹ́ 8,400 m². Ẹ fi 0.05 lọ́nà rẹ̀, ẹ máa rí 420 m³ tí kò sí níbì kankan láyé. Nígbà tí ilẹ̀ àkọ́kọ́ bá sì ga jù, gígé ló máa ń pọ̀ sí i, dídí á sì dín kù, ìdí nìyẹn tí ìṣirò kíákíá yẹn fi rí àjẹkù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò kàn yọ 5 kúrò kí n máa lọ. Tí a kò bá mọ ibi tí ìyàtọ̀ ti wá, a kò lè mọ̀ bóyá bákan náà ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo béèrè ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fò dúróònù, a sì rí i pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti wọn gíga eriali ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Àṣìṣe báyìí máa ń sún gbogbo ojú ilẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà sísún un padà wálẹ̀ tọ̀nà. Lẹ́yìn àtúnṣe, kò sí ibi líle kankan tó yàtọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ pín sí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tó bá ara wọn mu gẹ́gẹ́, nínú ààlà kan náà, torí tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tó dàgẹ̀rẹ̀ máa dá ìyàtọ̀ tí kò sí sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìpín 31 ti UTM, ètò tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀, mo sì lo igun mẹ́rin ìdajì mítà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo 0.25 m², nínú ètò kọ̀ǹpútà GDAL.

```
gdalwarp -t_srs EPSG:32631 -tr 0.5 0.5 -tap -r bilinear \
  -cutline aala.gpkg -crop_to_cutline -dstnodata -9999 \
  ile.tif ile_05.tif
```

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú kejì náà, mo wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì:

```
gdal_calc.py -A ona_05.tif -B ile_05.tif --calc="A-B" \
  --NoDataValue=-9999 --outfile=iyato.tif
```

Ibi tí iye bá ti ju òdo lọ, a máa dí i. Ibi tó bá kéré sí òdo, a máa gé e. A kò gbọ́dọ̀ ro wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn kí a tó mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, torí a máa sanwó katapílà fún gígé, a ó sì sanwó rólà fún dídí.

```python
from osgeo import gdal
d = gdal.Open("iyato.tif").ReadAsArray().astype("float64")
d = d[d != -9999]
print("gige", -d[d < 0].sum() * 0.25)
print("didi", d[d > 0].sum() * 0.25)
```

Ohun tó jáde ni gígé 3,580 m³, dídí 2,370 m³. Kí n tó gbà á gbọ́, mo gé ọ̀nà náà ní ìbú ní mítà 20-20, mo sì fi ọ̀nà àtijọ́ ṣe é: ro ojú gígé méjì tó tẹ̀lé ara wọn pọ̀, pín in sí méjì, fi gígùn àárín wọn lọ́nà rẹ̀. Láàárín mítà 240 àti 260, ojú gígé àkọ́kọ́ jẹ́ 9.6 m², èkejì jẹ́ 7.2, ìyẹn fún mi ní 168 m³. Kọ̀ǹpútà sọ 163 fún ibẹ̀. Wọ́n bára wọn mu. Ibi tí wọn ò ti bára mu ni ibi tí gígé ti ń parí kí dídí tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ojú gígé 3 m² ń tán lọ sí òdo: ọ̀nà àtijọ́ sọ 30 m³, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu ṣóńṣó kò ju 20 lọ. Mo gba ti kọ̀ǹpútà gbọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú 3,580 àti 2,370, ó ṣì dà bíi pé 1,210 máa ṣẹ́kù. Àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 15 òkè ilẹ̀ yẹn jẹ́ ilẹ̀ dúdú tó kún fún gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà. A máa ha á kúrò níbi gbogbo, ní ibi gígé àti ní ibi dídí, a kò sì ní fi dí nǹkan kan lábẹ́ títì, torí pé á máa rì. 8,400 lọ́nà 0.15 jẹ́ 1,260 m³. Mo rẹ ojú ilẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbi gbogbo ní iye yẹn, mo sì tún ìṣirò náà ṣe. Ilẹ̀ rere tí a máa gé di 2,850, èyí tí a nílò láti fi dí di 2,900. Àjẹkù ti di àìtó, ó sì ku ìfúnpọ̀ tí a kò tíì kà.

Ẹni tó ń ra gàrí ní kóńgò mọ̀ pé bí a bá gbọ̀n ọ́n, ó máa ń wọlẹ̀. Yangí àti ilẹ̀ pupa náà rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rólà. Iye tí àyẹ̀wò ilẹ̀ ibi iṣẹ́ yìí fún wa ni pé kúbíìkì mítà kan nínú ilẹ̀ bó ṣe wà máa di 0.9 tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. 2,850 lọ́nà 0.9 jẹ́ 2,565. A nílò 2,900. Ó ku 335 m³ tí a ti tẹ̀, èyí tó jẹ́ bíi 372 nínú ihò tí a máa lọ wà á. Nígbà tí katapílà bá sì tú u sínú típà, ó máa ń wú; pẹ̀lú 1.25 tí a lò, ó di 465. Típà tó ń gbé kúbíìkì mítà 10 máa rìn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han ọ̀gá ibi iṣẹ́, ó wò ó títí. "Ṣé o ní kí n lọ ra ilẹ̀ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ilẹ̀ dúdú nìkan ni ẹ máa wá ibi tí ẹ máa dà sí."

Ohun méjì ni mo kọ sí abẹ́ ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i. Ìkíní ni pé sẹ̀ǹtímítà 2 tó ṣì kù nínú ìwọ̀n lè yí ìṣirò náà padà tó 168 m³ tí gbogbo rẹ̀ bá tẹ̀ sí apá kan, nítorí náà kí wọ́n má ṣe sanwó gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n máa rà lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni òkúta. Òkúta dúdú yọrí ní ẹ̀bá ọ̀nà náà, ìṣirò mi sì ń wo ojú ilẹ̀ nìkan, kò lè rí inú rẹ̀. Tí wọ́n bá kan òkúta ní ibi gígé tó jìn jù, ní nǹkan bíi mítà 180 sí 260, iye 0.9 yẹn kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, ìnáwó gígé á yí padà, iye ilẹ̀ tí wọ́n máa rà náà á sì yàtọ̀ sí èyí. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ihò àyẹ̀wò mẹ́ta síbẹ̀ kí típà àkọ́kọ́ tó dé.