Bí mo ṣe kọ ríìpọ́ọ̀tù bíríkìlà tó jábọ́ lórí sikáfóòdù

Wọ́n ti gbé bíríkìlà náà lọ sọ́sibítù kí n tó mú bírò. Mo kọ́kọ́ ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan sikáfóòdù yẹn, mo fokùn yí i ká, torí táwọn èèyàn bá ti tún pákó tò báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ya fọ́tò látòkè látìsàlẹ̀, mo tẹ́ tépù sínú ẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe gùn tó.

Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé "ó yọ̀ ni". Kí ni ọ̀gá sáfẹ́tì fẹ́ fìyẹn ṣe? Pákó gbẹ, kò sí omi kò sí iyanrìn lórí ẹ̀. Mo bá wo ibi tó dúró sí kẹ́yìn, páìpù ìdábùú tó yẹ kó gbé orí pákó ọ̀hún ò sí níbẹ̀, ilẹ̀ ni mo ti rí i. Àmì páìpù tó kù lára pákó jẹ́ kí n lè wọ̀n ọ́n: pákó tó nípọn mílímítà 38 yọ orí síta ní 600, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tá à ń tẹ̀lé ni kó má ju ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe nípọn tó lọ, ìyẹn bíi 150. Téèyàn bá tẹ orí irú pákó bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ á gbé sókè bíi jangirọ́fà, òun àti pákó ló jọ máa wá sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bíríkìlà náà la sì bá pákó yẹn.

Mo wá pe àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pọ̀, torí bí wọ́n bá jókòó pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹni kan ni gbogbo wọn máa sọ. Lébìrà kan ní àwọn yọ páìpù náà kí búlọ́ọ̀kù lè gba ibẹ̀ gòkè. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo fi "ó sọ pé" síwájú ẹ̀, torí mi ò rí i lójú ara mi. Ìwé àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ méje wà, wọ́n ti buwọ́ lù ú, àmọ́ kí wọ́n tó yọ páìpù ni, kò sẹ́ni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. Béẹ̀lìtì wà lára bíríkìlà náà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò fi húùkù ẹ̀ kọ́ nǹkan kan.

Ní ti ìpalára, mi ò kọ pé eegun ṣẹ́, èmi kì í ṣe dókítà. Mo kọ pé ó ní ìbàdí ń dun òun, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ òsì.

Ọ̀gá sáfẹ́tì kà á tán, wọ́n béèrè pé ta ló pàṣẹ kí wọ́n yọ páìpù. Mo padà lọ bi fọ́mànù wọn, ó lóun ni, torí kò síbòmíì tí ẹrù lè gbà. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́ nínú ríìpọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, mo kọ ti fọ́mànù sójú ewé míì, mo fi déètì sí i, mo buwọ́ lù ú, mo sì béèrè fún ibi ìgbẹ́rù tó ní géètì tiẹ̀.