Ọ́ọ̀dì ńlá kọ́ ni ọjà ọ̀pọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí tẹ́tẹ́ ẹṣin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó tó pa mí. Ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí mò ń lọ l'Ádó níbí, tó bá ti di ọ̀sán Sátidé táwọn ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọmọ tuntun tó bá wọlé, ìsàlẹ̀ lísìtì lojú ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Kò ka orúkọ ẹṣin, kò wo ẹni tó fẹ́ gùn ún, kò bèèrè bóyá ilẹ̀ tútù. 51.00, 67.00, 101.00, ohun tó ń wá nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n, 200 náírà péré ni o, tó bá wọlé ńkọ́?"

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ka ọ́ọ̀dì. Tó ò bá tíì mọ̀ pé 51.00 máa sọ 100 náírà di 5,100, padà sílé ná.

Èkíní: kéèyàn rò pé búkì ń yọ owó tiẹ̀ dọ́gba-dọ́gba lára gbogbo ẹṣin

Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ká sọ pé ẹṣin mẹ́jọ ló fẹ́ sáré, ọ́ọ̀dì wọn sì lọ báyìí: 2.50, 4.00, 6.00, 9.00, 13.00, 21.00, 34.00, 51.00. Mú 100, fi ọ́ọ̀dì kọ̀ọ̀kan pín in. Ti àayò, ìyẹn 2.50, máa jẹ́ 40. Ti ẹṣin ìkẹyìn, ìyẹn 51.00, máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Ro gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, wàá rí nǹkan bíi 110 dípò 100. Mẹ́wàá tó lé yẹn, èrè búkì ni, kò sẹ́ni tí ò mọ̀yẹn nínú wa.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ní ó dáa, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú 100 náírà tí mo bá fi ta, nǹkan bíi 9 náírà ni búkì ń jẹ, ì báà ṣe àayò ni mo mú ì báà ṣe ti ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tó sì jẹ́ bákan náà, kí ni mo fẹ́ fi 2.50 ṣe? Irọ́ ni o. Ara àwọn ẹṣin ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jù. R. M. Griffith ti tọ́ka sí i láti 1949, nígbà tó wo bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ lórí pápá ẹṣin Amẹ́ríkà: àwọn èèyàn ń náwó sórí ẹṣin tí kò nírètí ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò sì náwó tó sórí àayò. Ní 2010, Erik Snowberg àti Justin Wolfers gbé iṣẹ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ jáde. Àkọsílẹ̀ eré ẹṣin Amẹ́ríkà láti 1992 sí 2001 ni wọ́n lò, ìgbà tí ẹṣin jáde sáré nínú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń mú àayò nínú gbogbo eré máa pàdánù 5.5 nínú 100. Ẹni tó bá kàn ń dijú mú ẹṣin máa pàdánù 23. Ẹni tó bá ń mú àwọn tó wà ní 100/1 sókè, ìyẹn 101.00 lórí lísìtì tiwa, máa pàdánù 61. Mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ìyẹn ni pé tó o bá kó 100 náírà lọ, 39 lo máa gbé bọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń ta náà ní irú àrùn yìí, nọ́ḿbà ẹ̀ ni ò ní bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹṣin mẹ́jọ wa. Ká sọ pé òótọ́ ibẹ̀ ni pé àayò máa jẹ ìgbà 38 nínú 100, kì í ṣe 40. Ká sọ pé ẹṣin 51.00 máa jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú 85, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 51. Tó o bá fi 100 náírà ta àayò nígbà ọgọ́rùn-ún, 10,000 lo ná, 9,500 ló padà, o pàdánù 5 nínú 100. Tó o bá fi 100 náírà ta ẹṣin ìkẹyìn nígbà 85, 8,500 lo ná, ẹ̀ẹ̀kan ló wọlé, 5,100. O pàdánù 40 nínú 100. Eré kan náà ni o, búkì kan náà.

Ẹ wá wo ohun tó ń tan ojú jẹ. Lórí àayò, ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ọ́ọ̀dì sọ àti òótọ́ jẹ́ 2 nínú 100. Lórí ẹṣin ìsàlẹ̀, kò tiẹ̀ pé 1: ọ́ọ̀dì sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2, òótọ́ ẹ̀ lé díẹ̀ ní 1. Ẹni tó bá wo nọ́ḿbà yẹn gán-án máa ní ti àayò ni wọ́n rẹ́ jẹ jù. Tí ìyá oníṣu l'Ọjà Ọba bá fi 200 náírà lé iṣu 5,000, wàá kùn díẹ̀, wàá sanwó. Tí aláta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá fi 200 náírà kan náà lé ata 300, ṣé o ò ní pariwo? Ẹṣin ìsàlẹ̀ ni ata yẹn.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti gbà ni pé àwọn kan ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Bọ̀bọ́ kan wà tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Ìjìgbò, ẹṣin 51.00 wọlé fún un lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀, ló bá di olùkọ́, fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ló ń gbé kiri lórí Wásáàpù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń pè é ní ọ̀gá. Mo ní kó fi àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó já hàn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì tó ti kú?" Èmi ni, jàre! Ìwé ẹ̀ wà nílé, ìyàwó mi ń pè é ní ìwé gbèsè, ó tiẹ̀ fẹ́ fi dáná lọ́jọ́ kan.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀bọ́ yẹn wò pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan nínú 85 wa. Tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn bá ta irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá wọlé fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rí 10,200 lórí 10,000, ó ti lérè. Iye àwọn tó máa bọ́ síbẹ̀ tó nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta, pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ pé 40 nínú 100 ni gbogbo wọn ń pàdánù tá a bá pa owó wọn pọ̀. Ẹnì kan nínú mẹ́ta yìí lẹ máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjì tó kù ti wọ kèkè lọ sílé. Jẹ́ kí wọ́n ta á dé ìgbà 500, àwọn tó ṣì lérè ò ní pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá mọ́. Nítorí náà ìwé oṣù mẹ́ta ò lè fi hàn ẹ́ bóyá o mọ nǹkan kan nípa ọ́ọ̀dì ńlá. Ti àayò kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó fojú hàn.

Kí ló fà á? Búkì ò tíì jẹ̀bi tán. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn, wọ́n ń kó owó gbogbo èèyàn jọ sójú kan ni, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á pín ìyókù fáwọn tó jẹ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́ọ̀dì níbẹ̀, owó àwọn tó ń ta ló ń pinnu ẹ̀, síbẹ̀ ó wọ́ sápá kan. Snowberg àti Wolfers ní kì í ṣe pé èèyàn fẹ́ràn ewu ló fà á jù, ojú wa ni kì í rí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀kan nínú 50 àti ẹ̀ẹ̀kan nínú 85, méjèèjì ń jọ "ó lè ṣẹlẹ̀" lójú wa. Níbi tí búkì ti ń kọ ọ́ọ̀dì fúnra ẹ̀, Hyun Song Shin fi ìdí mìíràn kún un ní 1991: ẹ̀rù ẹni tó mọ àṣírí ń bà á. Tí ẹnì kan ní ibùjẹ ẹṣin bá mọ̀ pé ẹṣin tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ti yá gágá, tí búkì sì kọ 85, ẹni yẹn máa sọ ọ́ di aláàárù. Ló ṣe ń kọ 51, ìwọ tó ò mọ àṣírí kankan lò ń san owó ẹ̀rù yẹn.

Èkejì: kíkó ọ́ọ̀dì ńlá mẹ́ta sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan

Ẹ gbà mí o. Tó bá jẹ́ 60 nínú 100 náírà ló ń padà lórí ọ̀kan, lórí méjì á di 36, lórí mẹ́ta á di nǹkan bíi 22. Kò pọndandan kó o sọ fún mi pé ẹyọ kan ló já ẹ.

Ẹ̀kẹta: àwọn tó ka ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí tán tí wọ́n wá ń kó gbogbo owó sórí àayò. Ṣé mo sọ pé àayò ń mú èrè wá ni? 5.5 nínú 100 ṣì ń lọ. Ó kàn ń rọra lọ ni.

Àwọn tó ń fi ẹṣin tó ń jẹ́ Mon Mome bá mi jà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ Grand National, eré ẹṣin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2009 ní 100/1. Foinavon náà jẹ ẹ́ ní 100/1 ní 1967, torí àwọn ẹṣin yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lura wọn tán níbi ọgbà kan tí wọ́n fẹ́ fò, òun tó wà lẹ́yìn wá rí àyè kọjá. Eré yẹn ti wà láti 1839, márùn-ún péré ló sì tíì jẹ ẹ́ ní 100/1, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni irú wọn ń ju ẹyọ kan lọ lórí pápá. Ẹ fi ìyẹn ṣírò.

Ẹṣin kọ̀ǹpútà tó ń sáré ní gbogbo ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe ẹṣin, ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí tà á.

Tẹ́nì kan bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó wo ọ̀kan nínú àwọn ojúlé tí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ti ń ta fún ara wọn, tí kò sí búkì láàárín, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kó gbé ọ́ọ̀dì ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti búkì. Lórí àayò, méjèèjì á súnmọ́ra dáadáa. Bó o bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n á máa jìnnà síra, 51 lọ́wọ́ búkì lè jẹ́ 80 níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo iye owó tó ń dúró níbẹ̀ náà, torí nígbà míì kò ní ju ti sùúyà lọ, àwọn tó ni ojúlé náà sì ń yọ tiwọn lára èrè.

Ó ku ti Họ́ńgì Kọ́ńgì. Kì í ṣe gbogbo ibi ni àrùn yìí wà. Kelly Busche àti Christopher Hall wo eré ẹṣin ibẹ̀ ní 1988, wọn ò rí i. Ẹni tó bá ń ta eré Sha Tin, pápá ẹṣin kan níbẹ̀, kó má fi nọ́ḿbà Amẹ́ríkà tí mo kọ sókè ṣe ìṣirò ẹ̀.