Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Ìwádìí inú Search Console Tún Àkọlé Ojú Ìwé Kọ, Tí A sì Ń Wọn Èrè Rẹ̀

Ojú ìwé kan lè máa fara hàn nínú èsì Google ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóṣù, kí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé má sì tó nǹkan. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ìkànnì máa ń ṣe ni pé wọ́n á yí àkọlé rẹ̀ padà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wo àpapọ̀ ìdá ìtẹ̀ ojú ìwé náà, ìyẹn iye ìtẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìfarahàn, wọ́n á sì dájọ́. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣìnà, nítorí pé ojú ìwé kan ṣoṣo lè máa jáde fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ ìwádìí tí kò bára mu, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ láìjẹ́ pé àkọlé ló fà á. Ohun tí a lè gbára lé ni kí a fi ọ̀rọ̀ ìwádìí kan náà wé ara rẹ̀, nígbà tí ipò rẹ̀ nínú èsì kò yí padà.

Àpẹẹrẹ tí n ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ti ìkànnì kan tó ń kọ àròkọ nípa orúkọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ojú ìwé rẹ̀ lórí orúkọ àmútọ̀runwá ni kò rí èrò. Iye tí n ó máa dárúkọ jẹ́ èyí tí mo gbé kalẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn.

Wá ojú ìwé náà, kí o sì wọ inú ọ̀rọ̀ ìwádìí rẹ̀

Ṣí Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń han olùtọ́jú ìkànnì bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń jáde nínú èsì, tẹ Performance, kí o wá tẹ Search results. Lókè, àpótí mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀: Total clicks, tí í ṣe iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìkànnì náà, Total impressions, tí í ṣe iye ìgbà tí ó fara hàn, Average CTR, tí í ṣe ìdá ìtẹ̀ nínú ìfarahàn, àti Average position, tí í ṣe ipò rẹ̀ nínú èsì. Rí i dájú pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o tàn. Fún ọjọ́, yan ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, láti ọjọ́ Ajé kan dé ọjọ́ Àìkú kan, kí òpin sáà náà sì ti kọjá ní ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé iye ti ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó kẹ́yìn kì í tíì pé.

Lábẹ́ Pages, to àwọn ojú ìwé náà láti èyí tí ìfarahàn rẹ̀ pọ̀ jù. Tẹ èyí tí o fura sí, kí o wá padà sí Queries. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìwádìí tó mú ojú ìwé yẹn nìkan jáde ni o ń wò. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Má ṣe bẹ̀rù bí àpapọ̀ ìtẹ̀ inú tábìlì náà bá kéré sí ti òkè: Google máa ń fi ọ̀rọ̀ ìwádìí tí àwọn tó ń wá a kò pọ̀ pamọ́, kí a má baà dá ẹni tó ń wá nǹkan mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ Yorùbá, ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn díẹ̀ a sì máa fi sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà á pín sí ìlà púpọ̀ nínú tábìlì. Láti kó wọn jọ, yan àlẹ̀mọ́ Query, èyí tí ń ṣa ọ̀rọ̀ ìwádìí tí a fẹ́ rí nìkan, lẹ́yìn náà Custom (regex), kí o sì kọ ohun tí yóò mú méjèèjì, níbi tí `.+` ti dúró fún lẹ́tà tàbí àmì yòówù tó bá wà níbẹ̀:

```
m.+t.+runw
```

Nínú àpẹẹrẹ wa, àlẹ̀mọ́ yìí kó `oruko amutorunwa`, `oruko amutorunwa ati itumo won` àti àwọn tí wọ́n fi àmì sí jọ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ìfarahàn 2,400, ìtẹ̀ 48, tí í ṣe 2%, ní ipò 4.1.

Mọ̀ bóyá 2% kéré lóòótọ́

Tábìlì ìdá ìtẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pín kiri orí ayélujára kò wúlò púpọ̀ níbí, torí pé oríṣi òwò àti èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìkànnì tìrẹ ni kí o fi ṣe òṣùwọ̀n. Nínú Queries ti gbogbo ìkànnì, fi àlẹ̀mọ́ Position sí i, kí o wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ipò 3 sí 5, kí o sì yọ àwọn tó ní orúkọ ìkànnì rẹ nínú kúrò, torí pé ẹni tó ti mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, ohun yòówù kí àkọlé jẹ́. Ká ní àwọn yòókù ń gba nǹkan bí 5% ní irú ipò bẹ́ẹ̀, 2% jẹ́ àlàfo tí ó yẹ kí a wádìí.

Kí a tó dá àkọlé lẹ́bi, tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú Google fúnra rẹ, lórí fóònù, nínú fèrèsé tí kò rántí ẹni tí o jẹ́. Bí ìdáhùn pátápátá bá ti jókòó lókè èsì, tàbí bí àwòrán bá gba ojú fóònù tán, kò sí àkọlé tí yóò dá ìtẹ̀ yẹn padà. Kí o kúkú lọ sórí ojú ìwé mìíràn. Kíyè sí nǹkan méjì mìíràn: ṣé àkọlé tó wà nínú ojú ìwé rẹ ni Google ń gbé jáde, àti pé ṣé àpèjúwe rẹ ni ó wà lábẹ́ àkọlé náà nínú èsì, àbí gbólóhùn tí Google fúnra rẹ̀ fà yọ láti inú àròkọ?

Kọ àkọlé láti ẹnu ẹni tó ń wá a

Àkọlé àtijọ́ nínú àpẹẹrẹ wa ni «Àṣà Ìsọmọlórúkọ, Apá Kẹta». Ẹni tó kọ ọ́ ń ronú nípa àròkọ rẹ̀ tó wà ní abala-abala. Ẹni tó ń wá nǹkan kò mọ apá kìíní, kò sì bìkítà fún un. Ọ̀rọ̀ ìwádìí sọ ohun méjì tí ó fẹ́: àwọn orúkọ náà gan-an, àti ìtumọ̀ wọn. Ara ojú ìwé sì ní méjèèjì, nítorí náà àkọlé tuntun kò ṣèlérí ohun tí kò sí níbẹ̀:

```html
<title>Orúkọ Àmútọ̀runwá àti Ìtumọ̀ Wọn: Ìgè, Òjó, Dàda, Òkè</title>
<meta name="description" content="Ìgè, ọmọ tó mú ẹsẹ̀ jáde; Òjó àti Àìná, tó gbé ìwọ́ kọ́rùn; Dàda, Òkè, Ìlọ̀rí: ìtumọ̀ orúkọ àmútọ̀runwá kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀.">
```

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ló ṣíwájú, nítorí pé Google máa ń gé àkọlé gẹ́gẹ́ bí ìbú ojú ẹ̀rọ ṣe tó, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iye lẹ́tà kan pàtó. Mo fi Ìgè àti Dàda síbẹ̀ dípò Táíwò àti Kẹ́hìndé, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò mọ ti ìbejì. Àwọn tó kù ni ènìyàn ń tìtorí wọn wádìí. Àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi bọ́ ọ sílẹ̀. Tún àkọlé ńlá tó wà lókè àròkọ náà kọ kí ó bá èyí mu, nítorí pé ibẹ̀ wà lára ibi tí Google ti máa ń yá ọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá fẹ́ àkọlé tí a fún un.

Àpèjúwe kì í gbé ojú ìwé sókè nínú ipò, Google sì lè kọ̀ láti lò ó. Bí o bá fẹ́ mọ èrè ti àkọlé nìkan, yí àkọlé padà ní àkọ́kọ́, kí o fi àpèjúwe sílẹ̀ di sáà tó tẹ̀ lé e. Nínú àpẹẹrẹ yìí, a fi àpèjúwe àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, èyí tuntun tó wà lókè yìí di sáà tó kàn.

Yan ojú ìwé àfiwé kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Google kì í jẹ́ kí a fi àkọlé méjì han ìlàjì èrò kọ̀ọ̀kan fún ojú ìwé kan náà. Nítorí náà, a nílò àwọn ojú ìwé tí a kò ní fọwọ́ kàn, tí wọ́n jọ èyí tí a ń tún ṣe: orúkọ àbísọ, orúkọ oríkì, orúkọ àbíkú. Bí ilé ìwé bá wọlé tí iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá sì mú kí àwọn ọmọ máa wá irú nǹkan wọ̀nyí, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ ọ́n lára, àkọlé tuntun kò sì ní gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kọ ipò, ìfarahàn àti ìtẹ̀ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí.

Lẹ́yìn tí o bá ti gbé àkọlé tuntun jáde, fi àdírẹ́sì ojú ìwé náà sínú URL Inspection, kí o sì tẹ Request indexing. Ọjọ́ tí o yí i padà kọ́ ni ìkà bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí o bá fojú ara rẹ rí àkọlé tuntun nínú èsì, èyí tí ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín, fò wọ́n.

Ka èsì náà

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, fi Compare gbé sáà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká ní ohun tí a kọ́kọ́ rí lórí ojú ìwé náà lápapọ̀ ni èyí: tẹ́lẹ̀, ìfarahàn 4,000 àti ìtẹ̀ 80, nísinsìnyí, ìfarahàn 8,100 àti ìtẹ̀ 163. 2% ni méjèèjì. Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé iṣẹ́ náà já sí asán, á sì dá àkọlé àtijọ́ padà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dá àlẹ̀mọ́ tiwa padà, ọ̀rọ̀ àmútọ̀runwá ní ìfarahàn 2,500 àti ìtẹ̀ 110, èyí tí í ṣe 4.4%, ní ipò 4.0. Ohun tó fa àpapọ̀ sẹ́yìn ni pé ojú ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún `oruko omo`, ní ipò tó jìnnà, níbi tí ìfarahàn 4,000 ti mú ìtẹ̀ 20 péré wá. Ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa bóyá àkọlé náà wu àwọn tó ń wá orúkọ àmútọ̀runwá.

Ipò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, èyí sì dára fún wa. Ká ní ó ti 4.1 bọ́ sí 2.5 ni, a kò ní lè fi ìyàtọ̀ sáàárín èrè àkọlé àti èrè ipò. Àwọn ojú ìwé àfiwé lọ láti 4.8% sí 5%. Bí tiwa bá gòkè bẹ́ẹ̀ náà, 2.1% ni à bá máa retí, kì í ṣe 4.4%.

Ó ku kí a mọ̀ bóyá kì í ṣe àkọsẹ̀bá. `p` dúró fún ìdá ìtẹ̀, `n` fún ìfarahàn, 1 fún sáà àkọ́kọ́, 2 fún sáà kejì, `SE` sì ni òṣùwọ̀n bí àkọsẹ̀bá lásán ṣe lè mú ìyàtọ̀ náà yẹ̀ tó:

```
SE = sqrt( p1*(1-p1)/n1 + p2*(1-p2)/n2 )
```

Fún iye tiwa, èyí fún wa ní bíi 0.5%. Ìyàtọ̀ 2.4% ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà mo gbà á. Ìṣirò yìí kì í ṣe òfin tí kò lè yẹ̀, nítorí pé ẹnì kan lè wá ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ó tó láti dá ènìyàn dúró kí ó má pe àkọsẹ̀bá ní ìlọsíwájú. Ojú ìwé tó ní ìfarahàn 200 lóṣù kò ṣe é wọ̀n lọ́nà yìí: ìtẹ̀ mẹ́rin tó di méje kò ju àkọsẹ̀bá lọ. Irú wọn ni kí a kó jọ, kí a yí àkọlé ìlàjì wọn padà lọ́jọ́ kan náà, kí a sì fi ìlàjì yòókù ṣe àfiwé.

Bí èsì rẹ bá dára bíi ti òkè yìí, àwọn «Apá Kejì» àti «Apá Kẹrin» tó kù nínú àròkọ náà ni ó kàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwádìí tiwọn. Kọ ọjọ́ tí o yí kọ̀ọ̀kan padà àti àkọlé àtijọ́ rẹ̀ sínú tábìlì kan, kí o sì kó iye rẹ̀ jáde láti inú Search Console láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ju oṣù 16 lọ.