Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra bítíkọ́ìnì níbìkan láti tà á níbòmíràn

Ẹni tó bá ṣí ìkànnì pàṣípààrọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní pẹ́ rí i pé iye bítíkọ́ìnì wọn kò dọ́gba. Ká ní ó jẹ́ 60,000 dọ́là lórí ti àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ 60,300 lórí ìkejì. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni pé kéèyàn rà á níbí, kó tà á lọ́hùn-ún, kó sì kó èrè. Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi 0.1 BTC ṣírò rẹ̀. Lójú lásán, èrè 30 dọ́là ló wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó ń ṣáájú ni pé àwọn èèyàn ń ṣírò pẹ̀lú iye ńlá tó wà lókè ojú ìwé. Iye tí wọ́n fi ta èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn nìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣèlérí láti tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kí ojú yín wà ni `Order Book`: iye tí àwọn tó ń tà ń béèrè wà lábẹ́ `Ask`, iye tí àwọn tó ń rà fẹ́ san sì wà lábẹ́ `Bid`. Ká ní ẹni tó ń tà níbí ń béèrè 60,040, ẹni tó ń rà lọ́hùn-ún sì fẹ́ san 60,250. 30 dọ́là yẹn ti di 21. Ẹ tún wo iye ọjà tí onítọ̀hún fẹ́. Tó bá jẹ́ 0.04 péré ló fẹ́ rà, tí ẹni tó tẹ̀ lé e sì ń san 60,210, 0.06 tó kù á dín dọ́là 2.40 kù. Ó ku 18.60.

Ẹ̀yìn èyí ni owó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ń ka ti rírà, wọ́n á gbàgbé ti títà. Tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan bá ń gba 0.1%, bíi dọ́là 6 lọ níbí, bíi 6 lọ lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ oníbàárà kékeré. Lẹ́yìn náà, ìkànnì àkọ́kọ́ á gba owó kó tó jẹ́ kí bítíkọ́ìnì jáde. Tó bá gba 0.0001 BTC, dọ́là 6 mìíràn tún nìyẹn. Ó ku bíi 60 sẹ́ńtì, ẹ ò sì tíì dá owó padà sí ìkànnì àkọ́kọ́ láti tún un ṣe. Tí ìyẹn bá ná yín ní dọ́là kan péré, ẹ ti pàdánù.

Àwọn kan á ní kí á kúkú fi owó púpọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé owó ìyọjáde kì í sábà pọ̀ sí i bí ọjà bá pọ̀ sí i, torí náà olówó kékeré ló ń pa lára jù. Ṣùgbọ́n bí ọjà yín bá ti ń pọ̀ sí i, ẹ̀ ń tà fún àwọn tó ń san iye tó ń kéré sí i. Ohun tí ẹ rí he lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì á gbà á.

Àkókò wá le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú 10 ni bulọ́ọ̀kù bítíkọ́ìnì kan, ìyẹn àkójọ ìfowóránṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fọwọ́ sí pa pọ̀, ń gbà, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìkànnì tó ń gbà á sì lè dúró de bulọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta kó tó jẹ́ kí ẹ tà. Àlàfo 210 dọ́là tí ẹ̀ ń lé kò pé 0.4% iye bítíkọ́ìnì kan. Bítíkọ́ìnì lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tà. Owó wà nílẹ̀ fún wọn níbí, bítíkọ́ìnì wà nílẹ̀ fún wọn lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà. Wọ́n ti kó àlàfo náà tán kí ti yín tó dé.

Tí àlàfo bá wá fẹ̀ gan-an tí kò sì pa dé, ẹ fura sí i. Ní 2013, bítíkọ́ìnì wọ́n lórí ìkànnì pàṣípààrọ̀ Mt. Gox ní Tokyo ju ti orí ìkànnì Bitstamp lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá tà á níbẹ̀ á rí dọ́là nínú àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là náà kò rọrùn láti yọ jáde: ní oṣù kẹfà ọdún náà, Mt. Gox dá yíyọ dọ́là dúró, ó sì ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣí i. Àwọn tó fẹ́ kúrò níbẹ̀ ń fi dọ́là wọn ra bítíkọ́ìnì ní iyekíye, òun ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ní oṣù kejì 2014, ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ sí kóòtù pé òun kò lè san gbèsè.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣí ojú ìwé `Withdraw` níbi tí ẹ ti fẹ́ rà, kí ẹ sì ṣí `Deposit` níbi tí ẹ ti fẹ́ tà. Ẹ wò ó bóyá bítíkọ́ìnì náà ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá `Withdraw` dọ́là tàbí ti USDT, owó orí ayélujára tí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là, ṣí níbi tí ẹ ti fẹ́ tà. Níbi tí ẹ bá ti rí `Suspended` nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni àlàfo náà ti wá.