Mo yí páàsìwọ́ọ̀dù Wáífáì padà, ìdajì nǹkan inú ilé kò wọlé mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ráútà onísíìmù la sì ń lò. Dátà tí mo bá rà kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, torí gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti mọ páàsìwọ́ọ̀dù wa. Mo wọ inú ráútà lọ́jọ́ Sátidé, mo yí i padà, ó sì ní òun ti gbà á. Síbẹ̀ kò sí fóònù tó já, èyí àtijọ́ ṣì ń wọlé. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ráútà ní. Ọ̀kan ń ṣí ojú ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ráútà fúnra rẹ̀, èkejì ń jẹ́ kí fóònù wọ Wáífáì. Èyí àkọ́kọ́ lẹ yí padà. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò já. Bí ẹ bá yí ti Wáífáì gan-an, gbogbo nǹkan tó wà lórí rẹ̀ ló máa já, àní fóònù tí ẹ fi ń ṣe é náà. Ẹ kọ èyí tí ẹ yí yẹn sílẹ̀ sórí ìwé, òun lẹ máa fi wọlé báyìí.

Ẹ dojú ráútà dé, ẹ wo sítíkà ìdí rẹ̀. Àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀, bíi `192.168.8.1`, `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`. Ẹ kọ́kọ́ pa dátà fóònù yín. Bí dátà ráútà bá ti tán, fóònù á rí i pé Wáífáì yẹn kò gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì yà sọ́dọ̀ síìmù tirẹ̀, ojú ìwé náà kò ní ṣí. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ráútà wọn ti bàjẹ́ nítorí èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àdírẹ́sì yẹn sí òkè búráúsà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ojú ìwé sí.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Wi-Fi Settings", "WLAN" tàbí "Wireless" sí. Ẹ máa rí orúkọ Wáífáì yín nínú àpótí "SSID", páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí gan-an lẹ fẹ́ yí. Bí ẹ bá rí 2.4 GHz àti 5 GHz, ìyẹn ìgbì méjì tí Wáífáì ń gbà jáde, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ yí ti méjèèjì, torí ẹni tó bá mọ ti ọ̀kan á gba ibẹ̀ wọlé.

Páàsìwọ́ọ̀dù náà kò gbọ́dọ̀ dín sí lẹ́tà 8, kò sì gbọ́dọ̀ ju 63 lọ. Ẹ má fi àmì ohùn tàbí ẹ àti ọ onídòò sí i, torí kíbọọ̀dù tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín, irú `agbado47ferese9`, rọrùn láti fi rìmóòtù tẹ̀ ju àmì wẹ́wẹ́ lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí tí mo kọ yìí.)

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun, gbogbo wọn ti já! Fóònù tèmi àti ti ìyàwó mi ti padà wọlé, àmọ́ ti ọmọ mi ń sọ pé "Check password" bó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ọjọ́ pípẹ́ rí orúkọ Wáífáì ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́. Kámẹ́rà ẹnu géètì kò tiẹ̀ dáhùn. Níbi tí wọ́n ti ń yan irú ààbò Wáífáì, mo tún rí WPA3, mo ní èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ló máa dáa jù, mo sì yàn án.

Ìdáhùn: Yíyàn yẹn ló dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé WPA3 jáde, nǹkan tó ti wà nílé ṣáájú ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́ aláìmọ̀ ọ́n. Á rí orúkọ, á gba páàsìwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín, á sì kọ̀, kódà bí ohun tí ẹ tẹ̀ bá tọ̀nà. Ẹ padà sínú ráútà, ẹ yan èyí tó da méjèèjì pọ̀, "WPA2/WPA3". Bí kò bá sí, WPA2-PSK tó ní AES tó. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ dé WEP láé, ẹ má sì yan "Open".

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ tún gbìyànjú lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí kò bá ní ojú tí wọ́n ń tẹ lẹ́tà sí, ẹ wo bóyá òun àti ráútà ní bọ́tìnì WPS. Ẹ tẹ ti ráútà, kí ẹ tẹ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. WPA3 kì í bá WPS ṣe, ìdí mìíràn rèé tí mo fi ní kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ páàsìwọ́ọ̀dù àná ni fóònù rẹ̀ ṣì dì mú, torí orúkọ Wáífáì kò yí padà. Kó tẹ orúkọ náà, kó yan "Forget", kó wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ni fún láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n. Kó ṣọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, torí fóònù fẹ́ràn láti sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá fúnra rẹ̀.

Kámẹ́rà ló máa gba àsìkò, torí kò ní ojú tí ẹ lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gun àkàsọ̀, ẹ wá bọ́tìnì "Reset" lára rẹ̀, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú tàbí tó máa fọhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ààpù rẹ̀ lórí fóònù tí ẹ fi kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi í kún un bí ìgbà tó jẹ́ tuntun. Bí akáúǹtì mìíràn lẹ bá fi ṣe é, ó ṣeé ṣe kó sọ pé ẹlòmíràn ló ni òun. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni kò gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ sí 2.4 GHz, nítorí náà kí fóònù yín wà lórí Wáífáì 2.4 lásìkò yẹn. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀rọ tí kò rí orúkọ Wáífáì yín rárá nígbà tí fóònù ń rí i, 5 GHz ni kẹ́ ẹ fura sí, kì í ṣe páàsìwọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ṣiṣẹ́, kámẹ́rà náà ti ṣí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sí ọmọ àdúgbò tó kù lórí rẹ̀? Ọmọ mi ní kí n ti abẹ́rẹ́ bọ ihò ẹ̀yìn ráútà.

Ìdáhùn: Ẹ má ti nǹkan kan bọ ibẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe ló máa parẹ́, páàsìwọ́ọ̀dù ara sítíkà á sì padà wá.

Ẹ ṣí "Connected devices" nínú ráútà, kí ẹ ka iye tó wà níbẹ̀. Ka fóònù mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù kan, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà, méje ni. Bí ẹ bá rí mẹ́jọ, ẹ máa pa nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tó ṣẹ́ kù. Fún àwọn àlejò, ẹ ṣí "Guest" bí ráútà yín bá ní i, kí ẹ fún un ní páàsìwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín náà: fóònù Android tuntun ní "Share" lára Wáífáì, ẹni tó bá fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ya àwòrán onígun tó gbé jáde ti wọlé nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe páàsìwọ́ọ̀dù sétí rẹ̀.