Sóòlù tó ń yà léraléra: bàtà alẹ̀mọ́, bàtà rírán àti bàtà oníwẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Bàtà dúdú tí mò ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Òkè-Mọsàn ti ya lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣùmékà ti bá mi lẹ̀ ẹ́, kò sì pẹ́ tó tún fi yà. Ẹni tó tà á fún mi ní bàtà rírán ni, mo sì rí òwú létí sóòlù rẹ̀. Kí ló dé tí kò dúró?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó dá ṣùmékà lẹ́bi, ẹ wo ojú ibi tó ti yà dáadáa. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí bàtà ká lórí sóòlù, tí òwú náà gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ni à ń pè ní wẹ́ẹ̀tì. Bí awọ yìí bá bá sóòlù lọ, tí ara bàtà dá dúró lọ́tọ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni òwú tí ẹ rí: sóòlù àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà nìkan ló so pọ̀, góòmù ló sì di ara bàtà mú. Bí ó bá jẹ́ pé awọ náà ṣì so mọ́ ara bàtà, tí sóòlù nìkan já kúrò lábẹ́ rẹ̀, wẹ́ẹ̀tì gidi ni, a jẹ́ pé òwú tó wà nísàlẹ̀ ló jẹ tán. Bí a ti ń lẹ tiyín lẹ́ẹ̀mejì tó ṣì ń ṣí, ọ̀ṣọ́ ni mo fura sí.

Góòmù ní ohun tó ń bà á jẹ́. Bí wọn kò bá ha góòmù àtijọ́ kúrò tán, orí rẹ̀ ni tuntun yóò lẹ̀ mọ́, àtijọ́ yóò sì ṣí pẹ̀lú tuntun lórí. Ojú méjèèjì ni ó yẹ kí wọ́n fi yanrìn-ìwé ha, kí wọ́n fi góòmù kun méjèèjì, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n papọ̀ tagbáratagbára. Ṣùmékà tó ń kánjú máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Àìfi bàtà sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí ooru ń mú góòmù rọ̀. Ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni gún òwú gba ẹ̀gbẹ́ ara bàtà láti fi kún góòmù, nítorí ihò náà kò ní dí mọ́, ibẹ̀ ni awọ yóò ti ya.

Ìbéèrè: Nínú bàtà tí mo bá fẹ́ rà báyìí, èwo ni mo lè máa pààrọ̀ sóòlù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà?

Ìdáhùn: Oníwẹ́ẹ̀tì ni. Ìlà òwú méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan so ara bàtà àti wẹ́ẹ̀tì mọ́ ìtẹ̀lẹ̀ inú, ìyẹn awọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ nínú bàtà, ìkejì so sóòlù mọ́ wẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí sóòlù bá jẹ tán, ìkejì nìkan ni a ó gé, ìkíní kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ìrísí bàtà kò sì ní yí padà.

Ní ti bàtà rírán, èyí tí ẹ̀rọ ìránbàtà Lyman Blake ti 1858 bẹ̀rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló gba inú bàtà jáde sí abẹ́ sóòlù. Bí ẹ bá ká ìtẹ́nú fẹ́lẹ́ tó bo ìtẹ̀lẹ̀ inú sókè kí ẹ tan iná sínú rẹ̀, ẹ ó rí òwú náà lórí ìtẹ̀lẹ̀ inú. Ó fúyẹ́, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ sóòlù ni a ó tún ìtẹ̀lẹ̀ yẹn gún, ihò tuntun yóò sì máa bọ́ sáàárín ihò àtijọ́ títí awọ yóò fi já bí ìwé sítáǹbù. Ní ìgbà òjò, omi tún máa ń gba ojú òwú wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń fọkàn sí fún un. Alẹ̀mọ́ sì wà lọ́wọ́ bí awọ rẹ̀ bá ṣe nípọn tó, torí gbogbo híha tí a bá ha á ló ń tín in.

Ìbéèrè: Ṣùmékà mi ní Kútọ̀ kò ní ẹ̀rọ. Ṣé ó lè pààrọ̀ sóòlù bàtà oníwẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, bí ó bá ní sùúrù. Kí ó gé òwú tó wà láàárín wẹ́ẹ̀tì àti sóòlù, kí ó má ṣe fi ipá fa sóòlù náà ya. Bí sóòlù bá ti kúrò, yóò bá kọ́ọ̀kì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi kún àárín sóòlù àti ìtẹ̀lẹ̀ inú. Bí ó bá ti fọ́ wẹ́wẹ́, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ kí ojú ibẹ̀ tẹ́jú. Lẹ́yìn tó bá ti lẹ sóòlù tuntun, kí ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an gba inú ihò àtijọ́ tó wà lára wẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọwọ́ ń rí ju ẹ̀rọ lọ.

Ẹ má ṣe dúró títí sóòlù yóò fi jẹ tán níwájú tí wẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ yóò máa gbo nílẹ̀. Wẹ́ẹ̀tì náà ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n a ó ní láti tú ìlà òwú ìkíní, iṣẹ́ náà sì máa ń wọ́n. Bí awọ òkè bá sì ti là níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kò sí sóòlù tuntun tó yẹ kí ẹ náwó lé lórí mọ́.